Ọjọ́ Méje Tí A Gbọ́dọ̀ Dín Kù: Ṣé Ká Fowó Rà Á Ni, àbí Ká Ti Iṣẹ́ Wọnú Ara Wọn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú yín fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní oníbàárà òun ti fa ọjọ́ tí òun máa kó iṣẹ́ fún un síwájú, ó wá ń bi mí bóyá kí òun kàn gba ọmọṣẹ́ sí i. Ìdáhùn mi ni ètò tòní, torí pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, owó mi sì lọ sí i.

Fíìmù ni. Fíìmù ìtàn ogójì ìṣẹ́jú, fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn apẹja kan ní agbègbè Àgbádárìgì. Wọ́n fẹ́ fi hàn ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ àyẹyẹ ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ègùn ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ibẹ̀ ń sọ, nítorí náà a ní láti tẹ ìtumọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló máa dá wàhálà sílẹ̀ tó bá yá.

Ètò tí mo ṣe nìyí. Ìwádìí àti kíkọ bí ìtàn ṣe máa lọ, ọjọ́ 6. Yíya àwòrán, ọjọ́ 10. Ẹ́dítì, ìyẹn gígé àwòrán àti títò ó, ọjọ́ 12. Lẹ́yìn ẹ́dítì, iṣẹ́ méjì máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, ọjọ́ 5, àti pípo ohùn pọ̀, ọjọ́ 4. Nígbà tí méjèèjì bá parí, a ó fi ọjọ́ 2 yẹ gbogbo ẹ̀ wò látòkèdélẹ̀ ká tó gbé e jáde. Orin wà níbẹ̀ pẹ̀lú: olórin lè bẹ̀rẹ̀ ní gbàrà tí ìwádìí bá parí, ó máa gbà á ní ọjọ́ 8, orin náà sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí a tó po ohùn.

Tí ẹ bá ro ó pọ̀ lójú ọ̀nà tó gùn jù, èyí tó gba ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kọjá, 6 àti 10 àti 12 àti 5 àti 2, ọjọ́ 35 ló jẹ́. Èyí tó gba pípo ohùn kọjá jẹ́ 34. Èyí tó gba orin kọjá jẹ́ 20 péré.

Bàbá alága wá pè mí ní òru ọjọ́ kan, kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, olórí àlejò wa ò ní sí nílùú lọ́jọ́ tí a dá. A ti fà á síwájú." Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ó di ìgbà wo?" Nígbà tí mo ka ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ iṣẹ́ 28 ni mo bá. Ọjọ́ 7 ti lọ. Bàbá tún fi kún un pé, "Olórin yẹn ni kó o tètè mú. Tó bá jẹ́ owó ni, a máa san."

Ẹ wò ó, bàbá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Àmọ́ bí olórin bá parí orin ní ọjọ́ 3 dípò 8, fíìmù náà ò ní fi wákàtí kan yá sí i. Orin wà lójú ọ̀nà ọjọ́ 20, ó ní àyè ọjọ́ 15 kó tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Owó tí ẹ bá ná níbẹ̀, orin tó máa jókòó de ẹ̀dítọ̀ lẹ ti rà. Ojú ọ̀nà tó gùn jù nìkan ni ọjọ́ ti ń dín, àṣìṣe tí mo sì máa ń rí jù nìyẹn: àwọn èèyàn máa ń sáré níbi tó rọrùn láti sáré.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dín ọjọ́ kù láìgé ohun tí oníbàárà sọ pé òun fẹ́. Èkínní ni àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ń pè ní kíráṣìn: ẹ máa náwó sí iṣẹ́ kan, èèyàn tàbí ẹ̀rọ á pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà á sì yára parí. Èmi máa ń pè é ní fífowó ra ọjọ́. Èkejì ni fásìtíráàkì: iṣẹ́ méjì tó yẹ kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìkejì kí èkínní tó parí. Ti èkínní máa ń gba owó lọ́wọ́ yín lójú ẹsẹ̀. Ti èkejì kì í gba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, àfi tó bá yá.

Mo kọ́kọ́ jókòó ti fífowó ra ọjọ́. Mo pe gbogbo ẹni tó máa bá mi ṣiṣẹ́, mo sì bi oníkálukú ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ọjọ́ mélòó lẹ lè dín kù, eélòó sì ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan? Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán lè dín ọjọ́ 2, ẹgbẹ̀rún náírà 20 lọ́jọ́ kan. Ẹ́dítì lè dín ọjọ́ 3 tí mo bá gba ẹ̀dítọ̀ kejì, ẹgbẹ̀rún 50 lọ́jọ́ kan. Pípo ohùn, ọjọ́ kan, ẹgbẹ̀rún 40. Ìwádìí, ọjọ́ kan, ẹgbẹ̀rún 70. Yíya àwòrán lè dín ọjọ́ 3 pẹ̀lú kámẹ́rà kejì àti ọkọ̀ ojú omi kejì, àmọ́ ẹgbẹ̀rún 90 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ̀ràn tí ẹ máa gbọ́ níbi gbogbo ni pé kí ẹ kọ́kọ́ ra ọjọ́ tó wọ́n díẹ̀ jù. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Mo ra ọjọ́ kan lára ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹgbẹ̀rún 20. Ọjọ́ 35 di 34. Ó dára. Mo tún fẹ́ ra ìkejì ní ẹgbẹ̀rún 20. Kò sí ohun tó yí padà! Ìdí ni pé ọ̀nà tó gba pípo ohùn kọjá ti jẹ́ 34 láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà méjèèjì ti wá gùn bákan náà báyìí. Láti ìgbà yẹn lọ, tí mo bá fẹ́ dín ọjọ́ kù níbẹ̀, àfi kí n ra ti ọ̀rọ̀ àti ti ohùn pa pọ̀, ẹgbẹ̀rún 60. Ẹ́dítì tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún 50 ló wá di èyí tó wọ́n díẹ̀ jù, torí pé ọ̀nà méjèèjì ló gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ ra ọjọ́ 7 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ tún ọ̀nà kà, kí ẹ tó ra òmíràn.

Bí mo ṣe ń bá a lọ nìyẹn: ẹ́dítì ọjọ́ 3, ẹgbẹ̀rún 150, ó di 31. Ọ̀rọ̀ àti ohùn pa pọ̀, ẹgbẹ̀rún 60, ó di 30. Ìwádìí, ẹgbẹ̀rún 70, ó di 29. Yíya àwòrán, ẹgbẹ̀rún 90, ó di 28. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún 390. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún 20, ọjọ́ keje sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún 90. Ọjọ́ máa ń wọ́n sí i bí ẹ ṣe ń rà á. James Kelley àti Morgan Walker, àwọn méjì tó gbé ìṣirò ọ̀nà tó gùn jù yìí jáde fún ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́ yìí gan-an ló wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan nípa iye tí àwọn èèyàn mi pè. Àwọn nọ́ńbà yẹn ń ṣe bí ẹni pé ẹ̀dítọ̀ méjì máa ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀dítọ̀ méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì máa kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan wo ohun tí a ti yà, ẹnì kìíní ni yóò sì máa ṣàlàyé fún un, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tiẹ̀ náà dúró. Frederick Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360 ní IBM, kọ ìwé The Mythical Man-Month jáde ní ọdún 1975, ọ̀kan nínú ohun tó sì sọ níbẹ̀ ni pé tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́, èèyàn tí ẹ bá kó kún un máa mú kó pẹ́ sí i ni. Ìdí tí tiwa fi ṣeé ṣe ni pé a gba ẹnì kejì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a sì pín in ní orí-orí: ẹnì kan mú ìtàn ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́, ẹnì kejì mú ìgbésí ayé lórí omi. Ká ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo gbà á, màá ti fi owó ra ìdíwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtumọ̀ Ègùn: ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè ṣe é dáadáa. Ẹnì kejì á máa kọ orúkọ ẹja àti orúkọ àdúgbò lọ́nà tiẹ̀, àfi kí ẹnì kẹta wá bá wọn mú un dọ́gba.

Mi ò ní ẹgbẹ̀rún 390. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn lè fi ẹgbẹ̀rún 200 kún owó mi, èyí tó bá lé jẹ́ tèmi. Mo bá yíjú sí ọ̀nà kejì.

Lórí ìwé, títi iṣẹ́ wọnú ara wọn dùn ún ṣe. Kí ẹ̀dítọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ 4 kí a parí yíya àwòrán. Kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ 3 kí ẹ́dítì parí, kí ohùn bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ọjọ́ 2. Ó di 28 lójú ọ̀nà méjèèjì, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi. Ohun tí ìwé ò sọ ni pé iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ kí ti iwájú rẹ̀ tó parí, àbá ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí àbá bá yẹ̀, ẹ máa tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ṣàpẹẹrẹ, torí pé ibẹ̀ ni ewu yìí ti hàn kedere jù. Nínú fáìlì, báyìí ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń rí:

```
97
00:08:41,200 --> 00:08:44,000
Omi gbé ọkọ̀ méjì lọ lóru yẹn.
```

Nọ́ńbà gbólóhùn, ìgbà tó máa yọ, ìgbà tó máa kúrò, àti ọ̀rọ̀ náà. Ká ní ẹ̀dítọ̀ wá gé ìṣẹ́jú àáyá 12 kúrò ní ìṣẹ́jú kẹta fíìmù. Gbogbo gbólóhùn tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ á máa yọ pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 12. Ìyẹn ṣì rọrùn, ẹ lè fà gbogbo wọn sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀dítọ̀ kì í gé ibì kan ṣoṣo. Ó máa gé níbí, ó máa fi kún un níbẹ̀, ó máa gbé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló máa fẹ́ kí ẹ fi etí àti ojú tún un gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ 3 tí ẹ rò pé ẹ ti jèrè rẹ̀ á padà sórí yín, ìgbà tí kò sí àyè mọ́ ló sì máa padà.

Mo bi ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, nínú ọjọ́ 5 yín, èwo ni ìtumọ̀, èwo ni gbígbé e sórí àkókò?" Wọ́n ní ìtumọ̀ jẹ́ ọjọ́ 3, gbígbé e sórí àkókò jẹ́ 2. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun tí ìyá àgbà sọ kò ní yí padà nítorí pé ẹ̀dítọ̀ gé àwòrán. Ìgbà tó máa yọ lójú àwòrán nìkan ló ń yí. Nítorí náà a la iṣẹ́ náà sí méjì. Ìtumọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láàárín ìgbà tí a ń ya àwòrán, lórí ohùn tútù, láìdúró de ẹ̀dítọ̀. Gbígbé e sórí àkókò máa dúró títí ẹ̀dítọ̀ á fi sọ pé òun ò ní fọwọ́ kan àwòrán mọ́. Owó tó bá a dé ni pé ẹ̀gbọ́n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ò ní lò nínú fíìmù rárá, wọ́n sì gba ẹgbẹ̀rún 30 sí i. Àmọ́ ewu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Tí ẹ bá fẹ́ ti iṣẹ́ kan wọnú òmíràn, ẹ wá apá tí iṣẹ́ iwájú ò lè bàjẹ́, kí ẹ fà ìyẹn nìkan síwájú.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà tó gba ọ̀rọ̀ kọjá di 32, tohùn sì wà ní 34, òun ló gùn jù báyìí. Mo ra ọjọ́ 3 lára ẹ́dítì, ẹgbẹ̀rún 150. Ó di 31. Mo wá ní kí ẹ́dítì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ keje yíya àwòrán, nígbà tó ku ọjọ́ 3. Ó di 28. Gbogbo owó jẹ́ ẹgbẹ̀rún 180, dípò 390. Inú mi dùn débi pé mo fi ètò náà han ọ̀rẹ́ mi kan. Ó wò ó, ó ní, "Ibo lo fi àyè sí?" Mo ní àyè wà lójú ọ̀nà ọ̀rọ̀, ọjọ́ 2. Ó ní, "Tí ohùn ńkọ́?" Mi ò dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án yíya àwòrán, a lọ sílé ìyá kan tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ara wọn ò yá tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi fi tiwọn sẹ́yìn. Ìyá ní kì í ṣe àwọn ọkùnrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ni wọ́n ń dá èésú láàárín ara wọn, owó yẹn ni wọ́n sì kọ́kọ́ yá àwọn ọkọ wọn láti fi ra àwọ̀n. Wọ́n mú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ jáde. Àwọn àgbà ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni.

Ìtàn tó dára jù tí a rí nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀dítọ̀ mi ti fi ọjọ́ 2 to orí ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ láti ẹnu àwọn ọkùnrin. Àwọn méjèèjì tú u palẹ̀, wọ́n tún un tò. Ọjọ́ 2 lọ, owó iṣẹ́ àtúnṣe sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún 60. Ètò di ọjọ́ 30. Àyè ọjọ́ 2 tó wà lójú ọ̀nà ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà yẹn là, wọn ò ní sáré. Ojú ọ̀nà ohùn ni kò sí nǹkan kan.

Mo ra ọjọ́ kan lára pípo ohùn, ẹgbẹ̀rún 40. Ó ku ọjọ́ kan. Ìwádìí ti kọjá, yíya àwòrán ti kọjá, ẹ́dítì kò gba ìrànlọ́wọ́ mọ́. Ohun tó kù ni ọjọ́ 2 tí a fi ń yẹ iṣẹ́ wò. Mo sọ ọ́ di ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe pe ìyẹn ní fífowó ra ọjọ́ o, mi ò san kọ́bọ̀. Kì í sì í ṣe títi iṣẹ́ wọnú ara wọn. Mo kàn ju apá kan nínú iṣẹ́ nù ni.

A dé gbọ̀ngàn lásìkò. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ìyá. Ní bí ìṣẹ́jú ogún, bàbá kan ń sọ̀rọ̀ lójú àwòrán, orúkọ bàbá mìíràn ló sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá kejì, orúkọ ti àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀. A ti gbé orúkọ méjèèjì sípò ara wọn nígbà tí a ń tún orí yẹn tò, ọjọ́ kejì àyẹ̀wò gan-an la máa ń wo orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà ti kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ ti ya ohùn tiwọn sílẹ̀ fún wa. Ọmọ wọn wà ní gbọ̀ngàn. Mo lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, ojú rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. A tún fíìmù náà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a sì fi èyí tó tọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Mo ti tún owó náà rò lọ́pọ̀ ìgbà. 180, àti 60 fún àtúnṣe, àti 40 fún ohùn: ẹgbẹ̀rún 280. Ó ṣì kéré sí 390. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tí ẹ̀dítọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ kí a tó gbọ́ ti ìyá yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìtàn yí padà. Mo mọ̀ pé wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwa ló fi tiwọn sẹ́yìn. Ìwádìí ṣì wà níwájú mi nígbà yẹn, ọjọ́ kan lára rẹ̀ sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún 70. Ká ní mo rà á kalẹ̀, tí mo fi í sílẹ̀ láìlò lójú ọ̀nà ohùn, gbogbo owó ì bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún 350, àyẹ̀wò ì bá sì wà ní ọjọ́ 2 rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ tó gba ọmọṣẹ́ kankan, ẹ fi ètò yín ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú iye tí oníkálukú pè fún ọjọ́ kan. Ẹ fi àmì sí ibi tí iṣẹ́ kan ti ń fi àbá ṣiṣẹ́. A ó jọ kà á lórí ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.